Lẹ́tà sí Báńkì: Èwo nínú Owó Méjì ni ₦1,720 Yìí?

Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Àwọn Olóko Kajú,
Àdúgbò Ọjà,
Ìyàrà,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjùmú,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

13 oṣù Karùn-ún, 2024.

Sí Máníjà Ẹ̀ka,
Ẹ̀ka Kábà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Ẹ̀yin Máníjà wa,

ÌBÉÈRÈ LÓRÍ ₦1,720 TÍ Ẹ YỌ NÍNÚ ÀKÁǸTÌ KỌ́RẸ́ǸTÌ ẸGBẸ́ WA (NỌ́ŃBÀ RẸ̀ PARÍ SÍ 4417) NÍ ỌJỌ́ 30 OṢÙ KẸRIN, 2024

Okun o. Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ yín tó ń dá wa lóhùn, pàápàá lásìkò kajú yìí tí èrò pọ̀ ní báńkì.

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ wa. Ìlà kan wà nínú sítétímẹ́ǹtì oṣù Kẹrin tí ẹ tẹ̀ fún wa tí kò yé wa. Bí ó ṣe wà nínú ìwé náà nìyí:

```
30-APR-2024  A/C SVC CHG APR24 VAT INCL  1,720.00 DR
```

Ohun tí a fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé owó ìtọ́jú àkáǹtì ti oṣù Kẹrin ni ₦1,720 yìí, àbí owó álẹ́ẹ̀tì orí fóònù láti oṣù Kejì títí dé oṣù Kẹrin? Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà dípò kí n kàn fojú díwọ̀n rẹ̀ ni pé ìṣirò méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí iye kan náà, ọ̀rọ̀ tí ẹ sì kọ sí ìlà yẹn lè jẹ́ ti èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àwọn tí kò rú wa lójú kúrò. Àádọ́ta náírà tí ìjọba ń gbà nígbàkígbà tí ẹnì kan bá fi ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ sí àkáǹtì wa, a rí i, `EMTL` ni ẹ kọ sí iwájú rẹ̀. Owó tí ẹ ń yọ nígbà tí àwa bá fi owó ránṣẹ́ síta, ìyẹn ₦10, ₦25 tàbí ₦50 gẹ́gẹ́ bí owó náà bá ṣe tó, òun náà wà lọ́tọ̀ lábẹ́ ìnáwó kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ní kí n bèèrè bóyá COT ni, àmọ́ mo ti ṣàlàyé fún wọn pé COT ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ọdún 2016. Owó méjì péré ló wá kù tí a mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ yọ, tí a kò sì rí orúkọ ìkankan nínú wọn nínú ìwé oṣù Kẹrin.

Èyí àkọ́kọ́ ni owó ìtọ́jú àkáǹtì. Lóṣù Kejì àti oṣù Kẹta, `ACCT MTCE FEE` ni ẹ kọ, ó sì hàn kedere. Lóṣù Kejì, ₦240,000 ni a san fún àwọn ẹlòmíràn láti inú àkáǹtì. Ẹ yọ ₦240, ẹ sì yọ owó-orí VAT ₦18 ní ìlà tirẹ̀. Lóṣù Kẹta, a san ₦860,000. Ẹ yọ ₦860, ẹ yọ ₦64.50 fún VAT ní ìlà tirẹ̀ bákan náà. Náírà kan lórí ẹgbẹ̀rún kan nìyẹn, kò sì ju ohun tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fàyè gbà lọ nínú ìlànà owó iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, 2020. Oṣù Kẹrin ni kajú wọlé jù. A san ₦1,342,000 fún àwọn tó kó kajú wá, ₦168,000 fún ọkọ̀ tó kó ẹrù, àti ₦90,000 fún àpò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,600,000. Bí a bá yọ náírà kan lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, ₦1,600 nìyẹn. Ìdá méje àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fún VAT jẹ́ ₦120. Ẹ ti rí i: ₦1,720 géérégé.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ǹ bá ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé owó ìtọ́jú àkáǹtì ni, ǹ bá sì ti lọ sùn. Ṣùgbọ́n owó álẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀. Láti oṣù Kìíní ni ẹ ti yọ ọ́ gbẹ̀yìn. Fóònù mẹ́ta ni a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ti alága, ti akọ̀wé àti tèmi. Mo ka àwọn álẹ́ẹ̀tì tó wọ fóònù mi láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì dé ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, wọ́n jẹ́ 134. Fún fóònù mẹ́ta, 402 nìyẹn. Ní náírà mẹ́rin mẹ́rin, ó di ₦1,608. Bí a bá fi VAT kún un, ó di ₦1,728.60. Ó fi ₦8.60 ju ohun tí ẹ yọ lọ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ₦8.60 yìí jẹ́ owó álẹ́ẹ̀tì méjì pẹ̀lú VAT wọn, kò lé, kò dín. Alága wa kì í kúrò lóko bọ̀rọ̀ lásìkò yìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀hún kò dúró ire, ó sì sọ fún wa pé àwọn álẹ́ẹ̀tì kan tó wọ fóònù tiwa kò wọ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé méjì ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ẹ kò sì ka méjì yẹn sí wa lọ́rùn, ₦1,720 náà ni yóò jẹ́.

Mo wá padà sórí ọ̀rọ̀ inú ìlà yẹn bóyá yóò là mí lójú. `APR24` mú mi ronú pé owó ìtọ́jú àkáǹtì ni, nítorí oṣooṣù ni ẹ ń yọ òun. Àmọ́ nígbà tí ẹ yọ owó álẹ́ẹ̀tì kẹ́yìn, owó oṣù mẹ́ta ni, síbẹ̀ oṣù tí ẹ yọ ọ́ nìkan ni ẹ kọ sí i:

```
31-JAN-2024  SMS ALERT CHG JAN24 VAT INCL  516.00 DR
```

Ẹ sì tún wo `VAT INCL`. Ti álẹ́ẹ̀tì nìkan ni ẹ máa ń da VAT pọ̀ mọ́ báyìí. Ti ìtọ́jú àkáǹtì, ìlà tirẹ̀ ni VAT máa ń wà. Nítorí náà, iye owó náà ń tọ́ka sí ìtọ́jú àkáǹtì, ọ̀nà tí ẹ gbà kọ ọ́ sì ń tọ́ka sí álẹ́ẹ̀tì. `A/C SVC` fúnra rẹ̀ kò ya ọ̀kan sọ́tọ̀, nítorí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún àkáǹtì wa ni méjèèjì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní kọ́ńtà yín dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ síwájú mi, ohun tó wà lójú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé ọwọ́ mi. Òun ló gbà mí níyànjú pé kí n kọ̀wé sí yín, kí ẹ lè bá wa wo inú rẹ̀ láti òkè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ lè máa wò ó pé kí ni ₦1,720 nínú owó tó ju mílíọ̀nù lọ. Ní ẹgbẹ́ wa, ibi tí owó náà bá bọ́ sí ló máa sọ ẹni tí yóò san án. A ní ìwé méjì. Ìwé kajú ni a fi ń kọ gbogbo ohun tí a ná lórí ọjà, láti orí àpò dé orí ọkọ̀, a ó sì pín in fún olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n kajú tó kó wá. Owó ìtọ́jú àkáǹtì wà níbẹ̀, torí pé owó kajú tí a ń san ló fà á. Ìwé kejì ni ti ọ́fíìsì, owó oṣooṣù tí gbogbo wa ń dá ni a fi ń gbé e, tẹni tó kó kajú àti tẹni tí kò kó. Ibẹ̀ ni owó álẹ́ẹ̀tì ń lọ. Àwọn opó wà láàárín wa tí igi kajú wọn kò pọ̀, tí àpò kan tàbí méjì ni wọ́n ń gbé wá. Wọn kì í pàdánù ìpàdé, wọ́n sì ń bèèrè náírà wọn ní ẹyọ ẹyọ, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. N kò lè dìde níwájú wọn kí n sọ pé mo rò pé báyìí ló rí. Sátidé, ọjọ́ 25 oṣù yìí, ni ìpàdé gbogbogbò wa, ọjọ́ náà ni a ó pín èrè kajú.

Ohun mìíràn tún so mọ́ ọn. Èyíkéyìí tó bá jẹ́ nínú méjèèjì, èkejì ṣì wà nílẹ̀ tí ẹ kò tíì yọ, yóò sì tó nǹkan bíi ₦1,700 òun náà. Bí a bá pín owó tán láì fi í sílẹ̀, inú owó ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó ń bọ̀ ni yóò ti jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa yọ ọ́ àti iye rẹ̀ gan-an fún wa.

Bí èsì yín bá fi hàn pé owó álẹ́ẹ̀tì ni, a ti pinnu láti yọ nọ́ńbà fóònù kan kúrò, kí ó ku ti alága àti tèmi. A ó wá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Bí ó bá jẹ́ owó ìtọ́jú àkáǹtì ni, alága yóò fẹ́ wá bá yín sọ̀rọ̀. Ìlànà Báńkì Àpapọ̀ fi náírà kan lórí ẹgbẹ̀rún ṣe òkè rẹ̀, ó sì fàyè sílẹ̀ kí báńkì àti oníbàárà dúnàádúrà sí ìsàlẹ̀. A ti ń bá yín ṣe bọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, owó tó ń gba àkáǹtì yìí kọjá sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún.

A kò sọ pé ẹ yọ owó tí kò yẹ, a kò sì ní kí ẹ dá a padà. Orúkọ rẹ̀ la fẹ́ mọ̀, ní kíkọ sílẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ yín, kí n lè fi èsì náà mọ́ ìwé ẹgbẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti álẹ́ẹ̀tì, kí ẹ kọ iye tí ẹ kà fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ti ìtọ́jú àkáǹtì, kí ẹ kọ àròpọ̀ owó tí ẹ ṣe é lé lórí. Akọ̀wé wa ń wá sí Kábà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ó lè gbà á lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ 17 tàbí ọjọ́ 24.

Mo so ẹ̀dà ojú ìwé sítétímẹ́ǹtì oṣù Kìíní, Kejì, Kẹta àti Kẹrin mọ́ lẹ́tà yìí, mo sì fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tí mo ń sọ.

Ẹ ṣeun, mo ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Fúnmiláyọ̀ Ìbítóyè (Ìyáàfin)
Akápò Ẹgbẹ́