Ìbéèrè fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ 13 láìgba owó oṣù, láti lọ tọ́jú ìyá mi

Ọjọ́ 12, Oṣù Kejì, ọdún 2026

Sí Ọ̀gá Àgbà

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àmójútó gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ tí mo bá yín sọ lọ́jọ́ Ajé, tí ẹ ní kí n kọ sílẹ̀ kí alájọṣe yín àti akọ̀wé owó lè rí i kà, òun ni mo kọ yìí. Mo ń tọrọ àyè ìsinmi ọ̀sẹ̀ 13 láìgba owó oṣù, láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 16, Oṣù Kẹta, títí di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12, Oṣù Kẹfà. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15, Oṣù Kẹfà ni màá padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ mọ̀ pé ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀ níparí ọdún tó kọjá, tí egungun ìbàdí wọn sì kán. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ó sì yọrí sí rere. Ohun tó kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wàhálà wà. Ẹni ọdún 81 tí ìbàdí rẹ̀ kán, dídìde ni oògùn rẹ̀: kí wọ́n gbé e dìde lójoojúmọ́, kó di irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mú, kó rìn láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà, kó sinmi, kó tún rìn padà. Bó bá ń dùbúlẹ̀ ṣáá, ẹsẹ̀ á rọ, egbò á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan, àìsàn sì lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń sùn tì wọ́n lálẹ́, àmọ́ ní kùtùkùtù ló ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀. Obìnrin tí a gbà kó máa wá lọ́sàn-án ń wẹ̀ fún wọn, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á láti gbé wọn dìde, kí wọ́n má baà tún ṣubú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mi ò dá a lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ti oògùn ni kò jẹ́ kí n sùn. Màámi ti ń gbàgbé nǹkan. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń rí ojú ara wa lórí fóònù, wọ́n lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn níṣojú mi, wọ́n fi omi lé e, wọ́n nu ẹnu. A ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí wọ́n tún fi na ọwọ́ mú páálí oògùn náà, wọ́n já ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní, "Jẹ́ n tètè lo oògùn mi kí n má gbàgbé." Ariwo tí mo pa ni wọ́n fi gbé e sílẹ̀. Ọjọ́ tí mi ò bá sí lórí fóònù ńkọ́? Bí oògùn yẹn bá pọ̀ jù lára, ìfúnpá á wálẹ̀, òòyì á kọ́ wọn, a ó sì tún padà sí ọ̀rọ̀ ìṣubú.

Ẹ bi mí lọ́jọ́ náà pé ṣé owó kò lè ṣe é. Mo ń fi owó ránṣẹ́, mi ò sì ní dáwọ́ dúró. Owó á ra oògùn, á sì gba olùtọ́jú síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa dúró ti olùtọ́jú náà títí tí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ iṣẹ́, tó máa jókòó níwájú dókítà kó bi í pé èwo la lè dín kù nínú àwọn oògùn wọ̀nyí, ọmọ ni. Ohun tí mo sì fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ 13 náà ṣe nìyẹn: kí ẹsẹ̀ wọn padà mú ilẹ̀, kí ètò oògùn wọn fìdí múlẹ̀, kí n sì fi wọ́n sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, tí àbúrò mi á máa mójú tó. Ìsinmi ọdọọdún tó kù fún mi kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá fẹ́ kí n kọ́kọ́ lo ìyẹn, kí ó wà nínú ọ̀sẹ̀ 13 náà pẹ̀lú owó rẹ̀, mo fara mọ́ ọn.

Ní ti sítọ́ọ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé dáadáa, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọkàn yín wà. Àbúrò wa tó ń já ẹrù fún àwọn oníbàárà mọ sítọ́ọ̀ náà bí ẹni mọ ojú. Ohun tí kò tíì ṣe rí ni kíkọ̀wé béèrè ẹrù tuntun àti yíyẹ ìwé ẹrù wò nígbà tí kọ̀ǹténà bá dé. Èyí tó ń bọ̀ nínú Oṣù Kẹrin á bá a láìsí èmi. Nítorí náà, mo fẹ́ kó jókòó tì mí láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó máa kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí èmi máa wò ó. A ó jọ ka gbogbo ẹrù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 14, Oṣù Kẹta, èmi àti òun á fọwọ́ sí iye tó wà nílẹ̀, màá sì fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ níṣojú akọ̀wé owó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ojú ìwọlé tirẹ̀ fún un lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì ti tèmi pa títí màá fi dé. Kò dáa kí ẹrù máa jáde lórúkọ ẹni tí kò sí nílùú. Tí ọ̀rọ̀ kan bá ta kókó, ó lè pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Mi ò lè ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé owó oṣù mi máa dúró, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ẹ ń fi sí owó ìfẹ̀yìntì mi. Adójútòfò ìlera ni mi ò fẹ́ kó já. Kí akọ̀wé owó sọ iye tó jẹ́ fún oṣù mẹ́ta náà, màá san án kí n tó lọ. Ìwé ìgbélùú mi sì so mọ́ iṣẹ́ yìí, nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi bi agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ bóyá ó yẹ kí ẹ fi ìsinmi náà tó ìjọba létí. Mo sì nílò ìwé kan láti ọ̀dọ̀ yín tó sọ pé òṣìṣẹ́ yín ṣì ni mí, pé ipò mi ń dúró dè mí, àti ọjọ́ tí mò ń padà. Bí aṣọ́bodè bá bi mí ní ìbéèrè nígbà tí mo bá ń wọlé, òun ni màá nà sí i.

Ní ọjọ́ 15, Oṣù Karùn-ún, màá kọ̀wé sí yín bí nǹkan ṣe ń lọ. Mi ò ní tọrọ ọjọ́ kún ọjọ́. Bó bá hàn nígbà náà pé mi ò ní lè padà, màá sọ ọ́ ní gbangba kí ẹ lè wá ẹlòmíràn. Bí ọ̀sẹ̀ 13 bá sì pọ̀ jù lójú yín, mo lè ṣe é ní 10. Èyí tó bá dín sí ìyẹn, owó ọkọ̀ òfuurufú lásán ni màá ná.

Mo fi ìwé dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi lésì kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 27, Oṣù yìí, kí n lè ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Fọlákẹ́
Sítọ́ọ̀kípà