Ìjíròrò: Ìnáṣíà Ìyípo Ọ̀pá Tó Gbé Kókó Idẹ Méjì

Àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lórí gíráàfù t² sí R² tò sórí ìlà tààrà kan, kò sì sí èyí tó jìnnà sí ìlà náà kọjá ọ̀pá àìdánilójú tirẹ̀. Bí ìṣirò ti ní ká retí rẹ̀ nìyẹn:

t² = (2h/mgr²)(I₀ + mr² + 2MR²)

Àkókò tí ẹrù tí okùn so mọ́ rólà fi já wálẹ̀, tó sì ń yí ọ̀pá, ni t, gíga tí ó já ni h (0.800 m), ìwọ̀n ẹrù náà ni m (0.100 kg), r ni rédíọ́sì rólà tí okùn wé mọ́, M ni ìwọ̀n kókó idẹ kan (0.200 kg), R sì ni bí àárín kókó idẹ ṣe jìnnà tó sí ojú ìyípo. I₀ kó gbogbo ohun tí kì í yí padà bí a ti ń sún kókó idẹ síwá sẹ́yìn: ọ̀pá fúnra rẹ̀, rólà, àti ìnáṣíà kókó idẹ kọ̀ọ̀kan yí àárín ara rẹ̀ ká. Nítorí náà, ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà ló ń sọ nípa kókó idẹ, ibi tí ìlà ti gé òpó òòró ló sì ń sọ nípa I₀.

Ká ní a kàn ya t sí R ni, ìlà kọ́lọkọ̀lọ ni ì bá jáde, ojú ènìyàn kò sì lè fi ìyẹn mọ̀ bóyá R² ni tàbí agbára R mìíràn ló ń darí rẹ̀. Lọ́gárídímù náà kò ní gbà wá. Láti R = 0.08 m, níbi tí t jẹ́ 6.78 s, dé R = 0.23 m, níbi tí ó ti di 13.75 s, ìdagẹ̀rẹ̀ log t sí log R jẹ́ nǹkan bí 0.67. Ẹni tó bá ń retí 1 níbẹ̀ lè sọ pé òfin kò ṣiṣẹ́. I₀ ló fà á: ó wà nínú gbogbo ìwọ̀n, lọ́gárídímù kò sì lè yà á kúrò lára 2MR². Nínú gíráàfù t² sí R², I₀ jókòó sí ààyè tirẹ̀, kò sì yọ ìdagẹ̀rẹ̀ lẹ́nu.

Àìdánilójú aago ni ó ga jù lọ lára ohun tí a wọ̀n. A fi 0.08 s sí ìpíndọ́gba àkókò kọ̀ọ̀kan, èyí tó wá láti inú bí àwọn kíkà ṣe tú káàkiri. Ṣùgbọ́n gíráàfù kò ya t, t² ló yà, àìdánilójú t² sì jẹ́ 2tδt. Ìyẹn ni pé ọ̀pá àìdánilójú gùn sí i bí a ti ń lọ sápá ọ̀tún: 1.1 s² níbi R tó kéré jù, 2.2 s² níbi èyí tó tóbi jù. Aago kan náà ni, ọwọ́ kan náà sì ni, síbẹ̀ àmì ìkẹyìn kò yẹ kó ní ọlá kan náà pẹ̀lú àmì àkọ́kọ́ nígbà tí a bá ń wá ìlà. Ìdí nìyí tí a fi fún àmì kọ̀ọ̀kan ní ipa gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá àìdánilójú rẹ̀ ti kéré tó. Àìdánilójú R (1 mm) kò fara hàn lórí gíráàfù, ṣùgbọ́n a óò padà bá a.

Ìlà tó bá àmì mu jù lọ fún wa ní ìdagẹ̀rẹ̀ 3,050 ± 40 s²/m², ó sì gé òpó òòró níbi c = 26.4 ± 1.2 s².

Ẹ jẹ́ ká mú ìdagẹ̀rẹ̀ ná. Iye tí ìṣirò fún un ni 4hM/mgr². Kálípà sọ pé rólà ní rédíọ́sì 15.0 mm, ṣùgbọ́n àárín okùn ni ipá ti ń fà, kì í ṣe awọ rólà. Okùn wa nípọn tó 0.2 mm, nítorí náà a lo r = 15.1 ± 0.1 mm. Pẹ̀lú èyí, ìdagẹ̀rẹ̀ tó yẹ ká rí jẹ́ 2,860 ± 40 s²/m². Ìdá kan nínú mílímítà kò jọ nǹkan ńlá lójú, àmọ́ r² ló wà nínú ìṣirò, ó sì ń sọ 0.7% di 1.3%. Òun nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ±40 yẹn. Ti h kò tó 0.3%.

Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì jẹ́ 190, àpapọ̀ àìdánilójú wọn sì jẹ́ nǹkan bí 57. Ìyàtọ̀ tó ju àìdánilójú ní ìlọ́po mẹ́ta lọ kì í ṣe ohun tí a lè dà lé aago lórí. Ohun kan ń fa ọ̀pá sẹ́yìn, ìṣirò wa kò sì tíì kà á.

Bẹ́árìn ni a kọ́kọ́ fura sí. Nígbà tí a so ẹrù kéékèèké mọ́ okùn tí a sì fi ọwọ́ ti ọ̀pá díẹ̀, 4 ± 1 g ló mú kí ó máa yí lọ láìyára sí i, láìdẹ̀rọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé 4 g nínú 100 g tí ó so rọ̀ kò ṣe ju kí ó san gbèsè bẹ́árìn lọ. 96% ló kù fún yíyí ọ̀pá. Tí a bá pín 2,860 pẹ̀lú 0.96, yóò di 2,980 ± 50. Ìyàtọ̀ tó kù jẹ́ 70, àpapọ̀ àìdánilójú sì jẹ́ 64. Wọ́n ti bára mu báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a rí i pé iye tiwa ṣì wà lókè.

A kò rò pé kèèṣì ni gbogbo 70 yẹn. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí R jẹ́ 0.23 m, kókó idẹ ń sáré tó 1.8 m/s kí ẹrù tó kanlẹ̀. Kókó kọ̀ọ̀kan ga tó 3 cm, ó sì fẹ̀ tó 3 cm, nítorí náà ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń dá a dúró tó nǹkan bí 0.001 sí 0.002 N. Ní jíjìn 0.23 m, kókó méjèèjì para pọ̀ di ipá ìyípo tó tó 3% sí 6% ti mgr ní ìparí ìjábọ̀, àti ní nǹkan bí ìdajì ìyẹn tí a bá pín in dọ́gba lórí gbogbo ìrìn. Níbi R = 0.08 m, ó kéré gan-an, kò tó 1%. Ohun tó ń wúwo sórí àwọn àmì ọwọ́ ọ̀tún ju tòsì lọ yóò gbé ìdagẹ̀rẹ̀ sókè, yóò sì tẹ ìlà díẹ̀ sókè ní ìparí. Àmì ìkẹyìn wa wà lókè ìlà lóòótọ́ (189.1 s² dípò 187.7 s²), ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó ọ̀pá àìdánilójú kan, a kò sì lè fi àmì kan ṣoṣo jẹ́rìí. Títóbi afẹ́fẹ́ tó láti kó 70 yẹn mì; gíráàfù yìí nìkan kò lè fi hàn pé òun gan-an ló kó o.

Níbi tí ìlà ti gé òpó òòró ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Ọ̀nà tó yá ni kí a pín 26.4 pẹ̀lú 2h/mgr² (7,150 s²/kg m²) kí a sì yọ mr² kúrò. Èyí fún wa ní I₀ = 3.7 × 10⁻³ kg m², pẹ̀lú àìdánilójú 0.2 × 10⁻³. Ọ̀pá tó gùn ní 0.50 m tó sì wọn 0.150 kg yẹ kó ní 3.13 × 10⁻³. Ìnáṣíà kókó idẹ yí àárín ara wọn ká fi 0.05 × 10⁻³ kún un, àpapọ̀ sì jẹ́ 3.18 × 10⁻³. Rólà kò tilẹ̀ tó 0.01 × 10⁻³, a lè gbójú fò ó. Bí a bá dúró síbẹ̀, a ó sọ pé ìnáṣíà kan tó 0.5 × 10⁻³ ń bẹ nínú ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò rí. Irọ́ ni. Bẹ́árìn tó gbé ìdagẹ̀rẹ̀ sókè gbé c náà sókè ní ìwọ̀n kan náà, nítorí iye kan náà, 2h/mgr², ló ń sọ méjèèjì di púpọ̀.

Nítorí náà, ìpín méjèèjì ni a gbà lò: c/ìdagẹ̀rẹ̀ = (I₀ + mr²)/2M. Wo ohun tó bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀: h lọ, g lọ, ìfàsẹ́yìn bẹ́árìn lọ, rédíọ́sì tó ń yọ wá lẹ́nu náà sì lọ, àfi kékeré tó kù nínú mr². Ohun tó kù láti mọ̀ ni M, èyí tí òṣùwọ̀n sọ fún wa láìsí iyèméjì. Èsì rẹ̀ ni I₀ = (3.4 ± 0.2) × 10⁻³ kg m².

Àìdánilójú ìpín yìí fẹ́ ìṣọ́ra. c àti ìdagẹ̀rẹ̀ kò dá dúró lọ́tọ̀: bí ìlà bá ga sí i ní ọwọ́ ọ̀tún, yóò wálẹ̀ ní òsì, nítorí àárín àwọn àmì ló ti ń yí. Ìbátan wọn nínú àwọn àmì wa jẹ́ nǹkan bí −0.86. Tí a bá pín nǹkan tó ń lọ sókè pẹ̀lú nǹkan tó ń lọ sílẹ̀, àìdánilójú wọn ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni. 4.5% ti c àti 1.3% ti ìdagẹ̀rẹ̀ yóò di 5.7%, dípò 4.7% tí ìlànà ìpapọ̀ ti ojoojúmọ́ ì bá fún wa.

Iye yìí ṣì ga ju 3.18 × 10⁻³ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 1.3 ti àìdánilójú, ìyẹn kò sì tó ohun tí a ó máa wá ìdí fún. Síbẹ̀ a yẹ ohun méjì wò. Bí gbogbo R bá fi 1 mm kéré ju bó ṣe yẹ lọ, I₀ kò ní ga sí i ju 0.05 × 10⁻³ lọ. Kò lè ṣàlàyé tán. Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ ń gbé ìdagẹ̀rẹ̀ sókè, ó sì ń rẹ c sílẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí I₀ tiwa kéré ju òtítọ́ lọ, kì í ṣe kó ga. Ẹni tó bá fẹ́ fi afẹ́fẹ́ bo àléébù I₀ yóò kàn dá kún un ni.

Tí a bá tún ìdánwò yìí ṣe, a kò ní fi àmì kún àárín gíráàfù. Wọn kì í fún ìdagẹ̀rẹ̀ ní nǹkan kan. Ọ̀pá òfìfo, láìsí kókó idẹ kankan, ni a ó kọ́kọ́ jẹ́ kó yí. Ó yẹ kí t² rẹ̀ wà ní nǹkan bí 23.5 s², èyí tí a ó kà lójú ara wa dípò kí a na ìlà dé ibi tí kò sí àmì. Ẹrù 200 g yóò sọ 4% bẹ́árìn di 2%, ṣùgbọ́n àkókò yóò kúrú, kókó idẹ yóò sáré sí i, ìdá tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú mgr kò sì ní dín kù. Ìyẹn kò dára tó kí a fi ìtànṣán iná tó ń dá aago dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí ohun kan bá kọjá níwájú rẹ̀ rọ́pò ọwọ́ tó ń tẹ aago, nítorí 0.08 s yẹn ni gbogbo ọ̀pá àìdánilójú orí gíráàfù wa.