Nípa iye owó kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ṣé ìwé iye owó kọ́bọ́ọ̀dù tí mo fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tẹ̀ yín lọ́wọ́? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín, mi ò sì fẹ́ kán yín lójú. Àwọn tó ń ta pákó ló ní iye tí àwọn fún mi kò ní kọjá ìparí oṣù yìí.

Bí owó náà bá ga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Tí a bá yọ gíláàsì kúrò lára ilẹ̀kùn òkè, á dínkù dáadáa, ẹwà rẹ̀ ò sì ní bàjẹ́. Bí ẹ bá ti gbé e fún ẹlòmíràn, kò burú rárá, ẹ ṣáà fi tó mi létí.

Ẹ ṣeun, mà.
Káfíńtà yín