Àtẹ Ẹ̀kọ́: Iṣẹ́ Hájì Láti Ìbẹ̀rẹ̀ Dé Òpin, àti Ohun tí Ọkàn Ń Rí Kọ́ Níbẹ̀

Àtẹ yìí wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì kékeré tí wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní ìlú Ìbàdàn. Láti òkè ni a ti ń kà á wá sí ìsàlẹ̀, nítorí pé bí ọjọ́ ṣe ń tẹ̀lé ọjọ́ nínú iṣẹ́ Hájì ni a ṣe tò ó. Lábẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan, a sọ ohun tí ara ń ṣe, a sì sọ ohun tí ó yẹ kí ọkàn rí mú níbẹ̀, nítorí ẹni tí ó ṣe ti ara láìṣe ti ọkàn ti rin ìrìn-àjò lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó jèrè Hájì.

Oríṣi Hájì mẹ́ta ni ó wà: Támátúù, Kìránì àti Ìfìráádì. Támátúù, èyí tí a ti ń kọ́kọ́ ṣe Úmúrà, tí a sì ń bọ́ Ìháráàmù kí ọjọ́ Hájì tó dé, ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń lọ láti Nàìjíríà máa ń ṣe. Òun ni àtẹ yìí tẹ̀ lé.

Ìpele 1. Ìmúrasílẹ̀ nílé

Hájì ni òpó karùn-ún nínú àwọn òpó Ìsìláàmù. Súúrà 3, áyà 97 nínú Àlùkùránì sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún ẹni tí ó bá ní agbára àtirin ọ̀nà náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní ìgbésí ayé sì ni ọ̀ranyàn náà. Agbára tí a ń wí kọjá owó ọkọ̀ òfurufú: ìlera wà nínú rẹ̀, ààbò ọ̀nà wà nínú rẹ̀, oúnjẹ àwọn tí a fi sílẹ̀ nílé náà sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó lọ sí ibùdó àwọn arìnrìn-àjò Hájì ní Olódó, ó yẹ kí ó ti san gbèsè ọrùn rẹ̀, kí ó ti dá ohun olóhun padà, kí ó sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí ó ti ṣẹ̀.

Ẹ̀kọ́: Ní ayé Ànábì, àwọn kan láti ilẹ̀ Yẹ́mẹ̀nì máa ń wá ṣe Hájì láìmú oúnjẹ dání, wọ́n á ní Ọlọ́hun ni àwọn gbára lé, bí wọ́n bá sì dé Mẹ́kà, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣagbe. Èyí ni ó fà á tí áyà 197 nínú Súúrà 2 fi sọ pé kí wọ́n máa pèsè sílẹ̀, àti pé ìpèsè tí ó dára jù lọ ni ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Ìyá oníṣòwò tí ó ń dá àjọ ní ọjà Bódìjà fún ọdún púpọ̀ kí ó tó rí owó Hájì rẹ̀ san ti ń ṣe iṣẹ́ ìpele yìí lọ́wọ́.

Ìpele 2. Gbígbé Ìháráàmù wọ̀ ní Míkáàtì

Míkáàtì ni ààlà tí ẹni tí ó ń lọ ṣe Hájì tàbí Úmúrà kò gbọdọ̀ kọjá láìwọ Ìháráàmù. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ sí Mẹ̀dínà máa ń wọ tiwọn ní Súlúhúléfà, ibi tí àwọn ènìyàn tún mọ̀ sí Ábíyárì Álì. Àwọn tí wọ́n bá balẹ̀ tààrà sí Jídà máa ń wọ̀ ọ́ kí ọkọ̀ òfurufú tó kọjá orí ààlà náà. Ọkùnrin a wẹ̀, yóò ró aṣọ funfun kan, yóò sì da èkejì bo èjìká, aṣọ méjèèjì kò sì gbọdọ̀ ní rírán. Obìnrin a wọ aṣọ rẹ̀ tí ó bo ara dáadáa, ṣùgbọ́n kì í lo ìbojú tàbí ìbọ̀wọ́. Lẹ́yìn èyí ni àníyàn, àníyàn náà ni Ìháráàmù gan-an, kì í ṣe aṣọ. Láti ìgbà náà ni yóò ti máa ké pé, “Làbáékà Lọ́húmà làbáékà,” èyí tí ó jẹ́ pé, “Mo jẹ́ ìpè Rẹ, Ọlọ́hun, mo jẹ́ ìpè Rẹ.” Kò gbọdọ̀ fi lọ́fíńdà sára, kò gbọdọ̀ gé irun tàbí èékánná, kò gbọdọ̀ ṣọdẹ, kò gbọdọ̀ bá aya tàbí ọkọ lò pọ̀, ìjà àti ọ̀rọ̀ rírùn náà sì di èèwọ̀.

Ẹ̀kọ́: Agbádá, àrán àti fìlà tí a fi ń dá olówó mọ̀ lóde ayẹyẹ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó wo aṣọ méjì náà dáadáa yóò rántí aṣọ funfun tí a fi ń sin òkú Mùsùlùmí.

Ìpele 3. Tawáàfù yí Kaábà ká

Nígbà tí wọ́n bá dé Mọ́sálásí Hàrámù ní Mẹ́kà, wọn yóò yí Kaábà ká ní ìgbà 7, Kaábà yóò sì wà ní ọwọ́ òsì wọn. Igun tí Òkúta Dúdú wà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni a sì ń parí sí. Ẹni tí kò bá rí ààyè fi ẹnu kò ó yóò na ọwọ́ sí i láti òkèèrè, ìyẹn sì tó. Kò sí ẹ̀san kankan nínú kí a máa ti ènìyàn ṣubú nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kírun ráká méjì lẹ́yìn Mákámù Ìbúráhímà, wọn yóò sì mu omi Sámúsámù.

Ẹ̀kọ́: Úmárù ọmọ Hàtábì, kálífà kejì, dúró níwájú Òkúta Dúdú, ó ní òun mọ̀ pé òkúta ni, kò lè ṣe ènìyàn lóore, kò sì lè ṣe é ní ibi, àti pé bí kì í bá ṣe pé òun rí Ànábì tí ó fi ẹnu kò ó, òun kì bá tí ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tí ó bá sọ pé àwa Mùsùlùmí ń bọ òkúta kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìpele 4. Sáyì láàárín Sáfà àti Máríwà

Láti orí Sáfà sí Máríwà jẹ́ ìgbà kan, láti Máríwà padà sí Sáfà jẹ́ ìgbà kejì, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe é títí ìgbà 7 yóò fi parí ní Máríwà. Gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní kìlómítà 3. Àwọn ọkùnrin máa ń sáré díẹ̀ ní àárín iná aláwọ̀ ewé. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò gé irun, Úmúrà parí, wọ́n sì bọ́ Ìháráàmù.

Ẹ̀kọ́: Ipasẹ̀ obìnrin ni gbogbo ènìyàn ń tọ̀ níhìn-ín, ọba àti ìjòyè pẹ̀lú. Hájárà, ìyá Ìsìmáílà, ni ó sáré láàárín òkè méjèèjì nígbà tí omi tán, tí ọmọ ń sunkún, tí kò sì sí ẹ̀dá kankan ní àfonífojì náà. Ó gbára lé Ọlọ́hun, síbẹ̀ kò jókòó, ó ń wá omi. Ibi tí kò sì sáré dé, ní ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀, ni Sámúsámù ti ṣàn jáde. Ìdí nìyí tí àwa olùkọ́ fi ń sọ pé àdúà kò lè rọ́pò ìwé kíkà ní àsìkò ìdánwò.

Ìpele 5. Ọjọ́ 8 oṣù Súlíhíjà: Míínà

Wọn yóò tún gbé Ìháráàmù wọ̀ láti ibi tí wọ́n wọ̀ sí ní Mẹ́kà, wọn yóò sì lọ sí Míínà, ìlú àgọ́. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti kírun Ayílà, Àsárì, Mángàríbì, Íṣáì àti Àsùbáà ọjọ́ kejì. Kò sí iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ̀kọ́: Sùúrù ni. Àgọ́ kún, ìlà ilé ìwẹ̀ gùn, ẹni tí kò mọ ọmọnìkejì rẹ̀ rí ni yóò sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìpele 6. Ọjọ́ 9 oṣù Súlíhíjà: Dídúró ní Árafà

Èyí ni ọkàn Hájì. Ànábì sọ pé, “Hájì ni Árafà,” nítorí náà ẹni tí àsìkò Árafà bá fò dá kò ní Hájì lọ́dún náà, bó ti wù kí ó ṣe ìyókù tó. Ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni Árafà, ó jìnnà sí Mẹ́kà tó nǹkan bí kìlómítà 20. Wọn yóò kírun Ayílà àti Àsárì pọ̀, ráká méjì méjì, lẹ́yìn náà wọn kò ní ṣe ohun mìíràn ju àdúà, ìrántí Ọlọ́hun àti ìrònúpìwàdà lọ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Àwa tí a wà nílé ni a ń gbààwẹ̀ ọjọ́ yìí; àwọn tí ó wà níbẹ̀ kì í gbà á, nítorí pé ní Árafà ni wọ́n ti gbé wàrà fún Ànábì lórí ràkúnmí rẹ̀, ó sì mu ún lójú gbogbo ènìyàn.

Níbẹ̀ ni Ànábì Mùhámmádù, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti ṣe ìwáàsí ìdágbére ní ọdún 10 lẹ́yìn Híjírà, èyí tí ó bọ́ sí ọdún 632. Ó ní ẹ̀jẹ̀ àti dúkìá ọmọnìkejì yín jẹ́ ọ̀wọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ yìí ṣe jẹ́ ọ̀wọ̀, ó pa owó èlé rẹ́, ó sì pàṣẹ pé kí àwọn ọkùnrin bẹ̀rù Ọlọ́hun lórí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin. Nǹkan bí oṣù 3 lẹ́yìn náà ni ó jáde láyé.

Ẹ̀kọ́: Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka Árafà sí àpẹẹrẹ ọjọ́ àjíǹde, nígbà tí gbogbo ẹ̀dá yóò dúró níwájú Ọlọ́hun. Ẹ̀kọ́ kejì jẹ́ ti ìdọ́gba, Ìbàdàn sì ní ìpín nínú ìtàn rẹ̀. Ní oṣù Ẹ́pírì ọdún 1964 ni Malcolm X, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí ó ti ń wàásù tẹ́lẹ̀ pé èṣù ni àwọn aláwọ̀ funfun, lọ ṣe Hájì. Ó bá àwọn aláwọ̀ funfun jẹun nínú àwo kan náà, wọ́n jọ kírun sí Ọlọ́hun kan náà, ó sì kọ lẹ́tà sílé pé ohun tí òun rí ti yí èrò òun padà. Ní oṣù Méè ọdún náà, ó wá sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí níbẹ̀ sì sọ ọ́ ní Ọmọwálé.

Ìpele 7. Òru Musidálífà

Bí oòrùn bá ti wọ̀, wọn yóò kúrò ní Árafà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ sí Musidálífà. Wọn yóò kírun Mángàríbì àti Íṣáì pọ̀, wọn yóò sì sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn aláìlera, àwọn àgbà àti àwọn tí ń tọ́jú wọn ní ìyọ̀ǹda láti tètè kúrò lóru. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣa òkò tí wọn yóò sọ lu Jámárà, àwọn òpó mẹ́ta tí ó dúró fún èṣù ní Míínà, bí ẹyọ ẹ̀wà ni ó sì yẹ kí òkò kọ̀ọ̀kan rí.

Ẹ̀kọ́: Nígbà tí wọ́n kó òkò kéékèèké bẹ́ẹ̀ fún Ànábì, ó kìlọ̀ pé kí a ṣọ́ra fún àṣejù nínú ẹ̀sìn. Ẹni tí ó ń ju bàtà tàbí òkúta ńlá lu Jámárà kò tíì gbọ́ ìkìlọ̀ yẹn.

Ìpele 8. Ọjọ́ 10 oṣù Súlíhíjà: Ọjọ́ Iléyá

Ní ọjọ́ tí àwa ń kírun ní Yídì Agodi ni iṣẹ́ wọn pọ̀ jù: wọn yóò sọ òkò 7 lu Jámárà ńlá, wọn yóò pa ẹran, wọn yóò fá irun tàbí gé e, wọn yóò sì lọ sí Mẹ́kà fún Tawáàfù Ìfáádà, èyí tí Hájì kò lè pé láìsí, pẹ̀lú Sáyì. Ibi yìí nìkan ni àtẹ wa ti lè tàsé láìba nǹkan jẹ́, nítorí nígbà tí àwọn ènìyàn wá bá Ànábì lọ́jọ́ náà pé àwọn ti fi iṣẹ́ kan ṣáájú èkejì, ìdáhùn rẹ̀ ni pé, “Ṣe é, kò sí láìfí.”

Ẹ̀kọ́: Ìbúráhímà ṣe tán láti fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àṣẹ Ọlọ́hun, a sì fi ẹran pààrọ̀ ọmọ náà. Súúrà 22, áyà 37 sọ pé ẹran àti ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, ìbẹ̀rù Rẹ̀ tí ó wà nínú ọkàn ni ó ń dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀. Nítorí náà, iye owó tí a ra àgbò kì í ṣe ohun tí a ó máa fi wọn ara wa.

Ìpele 9. Ọjọ́ 11 sí 13: Jámárà mẹ́ta

Wọn yóò máa sùn ní Míínà. Lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yẹ̀ lórí lójoojúmọ́, wọn yóò sọ òkò 7 lu Jámárà kékeré, 7 lu ti àárín, àti 7 lu ti ńlá. Ẹni tí ó bá ń kánjú lè kúrò ní ọjọ́ 12 kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tí ó bá dúró di ọjọ́ 13 náà ṣe dáadáa.

Ẹ̀kọ́: Òkúta kò pa èṣù lára. Ìpinnu ẹni tí ó ń sọ ọ́ ni a ń dán wò, ìdí sì nìyí tí a fi ń tún un ṣe lójoojúmọ́.

Ìpele 10. Tawáàfù ìdágbére

Ìgbà 7 yí Kaábà ká ni iṣẹ́ ìkẹyìn kí wọ́n tó fi Mẹ́kà sílẹ̀. Obìnrin tí ó bá ń ṣe nǹkan oṣù ní ìyọ̀ǹda láti máa lọ láìṣe é. Ìbẹ̀wò sí Mẹ̀dínà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí lára iṣẹ́ Hájì, ẹ má ṣe kọ ọ́ mọ́ ọn nínú ìdánwò.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹni tí ó kúrò ní Míínà ní ọjọ́ 12, òkò mélòó ni ó sọ lápapọ̀ láti ọjọ́ 10? Ẹni tí ó dúró di ọjọ́ 13 ńkọ́?

Iṣẹ́ wo nínú àtẹ yìí ni a kò lè fi ohunkóhun rọ́pò bí ó bá bọ́, kí sì ni ẹ̀rí yín?

Ẹ lọ bá àlhájì tàbí àlhájà kan ní àdúgbò yín, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì béèrè ìpele tí ó nira fún wọn jù lọ àti ohun tí ó mú kí ó nira. Ẹ kọ ìdáhùn wọn ní ojú ìwé kan, ẹ má ṣe kọ orúkọ wọn, kí ẹ sì mú un wá ní Ọjọ́bọ̀.