Àtúnṣe ọ̀rọ̀ tí o kọ nípa ara rẹ sórí LinkedIn

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, mo sì tún un kà láàárọ̀ yìí kí n tó fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ tí o ti ṣe pọ̀ ju ohun tí o kọ lọ. Bí o ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni mí, mo jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun tó lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́, mo sì ń wá ibi tí màá ti lè tẹ̀ síwájú." Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tí ẹ jọ jáde? Ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ ló sì máa ń hàn lójú ìwé yẹn, àfi téèyàn bá tẹ ibi tí á ti ka ìyókù.

Nígbà tí mo bi ọ́ lórí fóònù pé kí lo ṣe gan-an lọ́dún tó kẹ́yìn, tí o bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn, ohùn rẹ yí padà. Kò sì sí ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀ nínú ohun tí o kọ. Òun ni mo gbé síwájú:

"Mo máa ń yẹ àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wò láti mọ ohun tó ń dí ìtọ́jú aláìsàn lọ́wọ́. Sítátísítíìkì ni mo kà ní yunifásítì, ètò ìlera ni mo sì fẹ́ fi ṣiṣẹ́ fún.

Fún iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi, ilé ìwòsàn kan fún mi ní àkọsílẹ̀ 1,240 nípa ọjọ́ tí wọ́n dá fún àwọn aláìsàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ orúkọ kúrò. Ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà kọ déètì síbẹ̀, àwọn kan sì wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi Excel tún un tò, mo sì fi R fi àwọn tó wá wé àwọn tí kò wá. Àwọn tí ọjọ́ wọn jìnnà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ ni kì í sábà wá. Mo kọ àbọ̀ ìwádìí náà sí ojú ìwé mẹ́fà, láìlo èdè ìṣirò, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn akọ̀wé ibẹ̀.

Fún ọdún méjì, mo ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní 14 ní ìṣirò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí a ṣe ń tún ohun kan náà ṣàlàyé títí á fi yé ẹni tó ń gbọ́.

Mo ń kọ́ SQL lọ́wọ́, mo sì ti lè so tábìlì méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ láti mú ohun tí mo ń wá jáde.

Iṣẹ́ olùtúpalẹ̀ dátà ni mò ń wá, ní ilé ìwòsàn tàbí àjọ tó ń rí sí ìlera aráàlú. Bí ẹ bá ní àyè fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí mi."

O kọ ọ́ pé o mọ Python dunjú. Mo yọ ọ́. Fídíò lo ṣì ń wò, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa tú u fó. O tún kọ pé o "dín iye àwọn tí kì í wá kù". Rárá o, àwọn tí kì í sábà wá lo rí, ilé ìwòsàn ò sì tíì yí nǹkan kan padà. Ohun tí o rí yẹn gan-an tó ohun à ń yangàn sí, má fi kún un. Mo yọ àmì ẹ̀yẹ tí o gbà ní girama náà kúrò.

Àkọlé tó wà lábẹ́ orúkọ rẹ, "Mò ń wáṣẹ́", mo sọ ọ́ di "Olùtúpalẹ̀ dátà ìlera | Sítátísítíìkì | Excel, R". Lẹ́tà àti àmì 220 ni wọ́n gbà níbẹ̀, 2,600 sì ni ti ọ̀rọ̀ gígùn yìí. Méjèèjì ò kọjá.

Fi 1,240 yẹn wé ìwé ìwádìí rẹ kí o tó gbé e síta, torí ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ. Kí o sì bi ilé ìwòsàn náà bóyá wọ́n gbà kí o sọ ohun tí o rí ní gbangba, bí a ò tilẹ̀ dárúkọ wọn. Èyí tí kò bá dún bí ohùn rẹ níbẹ̀, yí i padà, kí o wá pè mí lálẹ́ Friday.

Ẹ̀gbọ́n rẹ