Ìjàpá Ṣí Ṣọ́ọ̀bù Ìwé Nínú Igbó

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó tètè lọ tọ̀ báyìí, nítorí bí Ìjàpá bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣé gbogbo yín ti dé? Ó dáa.

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo.

Ní ìgbà láéláé, Ìjàpá àti Yánníbo ń gbé nínú igbó kan lẹ́bàá Ìkọ́gòsì, ní ilẹ̀ Èkìtì wa níbí, níbi tí omi méjì ti ń sun jáde lára òkè. Ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ìkejì tutù. Wọ́n pàdé, wọ́n jọ ń ṣàn lọ. Síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti pàdé, bí ẹ bá ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ apá kan, tí ẹ ki ẹsẹ̀ òsì bọ apá kejì, ẹsẹ̀ kan á máa gba ooru, ìkejì á máa gba òtútù. Omi náà wà níbẹ̀ títí dòní. Bí ẹ bá dàgbà, ẹ lọ wò ó.

Lọ́jọ́ kan, Ìjàpá gbé obì lọ tà ní Ọjà Ọba ní Adó. Níbẹ̀ ló ti rí ọmọdébìnrin kan tó jókòó lẹ́bàá àtẹ ata ìyá rẹ̀. Ọmọ náà gbé ìwé lé itan, ó sì ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Ìjàpá wo ọ̀tún, kò rí ẹni tó ń bá a ṣeré. Ó wo òsì, kò rí ẹnì kan.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, Bàbá Ìjàpá. Ìtàn ni, sà. Inú ìwé ló wà."

Ìtàn nínú ìwé! Ìjàpá na ọrùn, ó yọjú wo ìwé náà. Nígbà tí yóò fi kúrò níbẹ̀, òun náà ti rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń mì gọ̀lọ̀gọ̀lọ̀. Ló bá fi gbogbo obì rẹ̀ pààrọ̀ ìwé lọ́wọ́ òǹtàwé kan. Ó di wọ́n sẹ́yìn, ó kọrí sílé. Ó kọjá ní Ìyìn, ó kọjá ní Ìgèdè, ó sinmi ní Àrámọkọ, ó tún gbéra. Ẹ ṣáà mọ bí Ìjàpá ṣe ń rìn. Iṣu tí Yánníbo gbìn lọ́jọ́ tó jáde nílé ti yọ ewé kó tó dé.

Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bo àgọ́ kan lẹ́bàá omi, ó to ìwé sórí pákó, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń polówó:

"Ẹ wá rà á o! Ìtàn dé o! Iṣu kan, ìwé kan!"

Àwọn ẹranko tú jáde. Ìwé kíkà kò ṣòro fún wọn, nítorí Òwìwí ti kọ́ wọn ní A, B, D lábẹ́ igi ìrókò. Ewúrẹ́ nìkan ló béèrè bóyá wọ́n máa ń se ìwé ni àbí wọ́n máa ń jẹ ẹ́ ní tútù. Ìjàpá ní kó dúró síta.

Ìwé tí gbogbo wọn fẹ́ràn jù ni ti Adìẹ tó fẹ́ lọ wo òkun. Adìẹ yìí ń gbé ní Ìgèdè, níbi tí odò Ọ̀ṣun ti ń sun. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ sínú igbá, ó ní kí odò máa gbé òun lọ. Odò gbé e, gbé e, gbé e. Ó kọjá lẹ́bàá Òṣogbo, àwọn èèyàn ń juwọ́ sí i. Òjò rọ̀, igbá ń yí bírí. Ọ̀nì la ẹnu báyìí, àà! Adìẹ fò sókè, ó tún bà sínú igbá rẹ̀ padà, Ọ̀nì gé afẹ́fẹ́ jẹ. Ìwé yẹn dùn! Ọ̀kẹ́rẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ó ń kà á láìgbé ojú sókè.

Ó san iṣu kan. Kó tó kà á dé ìparí, ó yá Ehoro. Ehoro yá Ọ̀yà. Ọ̀yà yá Àparò. Àparò kà á fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì yá Bàbá Erin, ẹni tó ní láti fi ọwọ́jà rẹ̀ ṣí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sùúrù. Gbogbo igbó ń ka ìwé kan ṣoṣo, kò tíì sẹ́ni tó kà á dé ìparí, iṣu kan ṣoṣo ló wọlé.

Èmi ò rí ohun tó burú nínú kí èèyàn yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìwé. Ṣùgbọ́n Ìjàpá fẹ́ràn iyán, ó fẹ́ràn rẹ̀ kọjá ààlà. Ó wo abà iṣu rẹ̀, ó rí i pé ó ṣófo. Ó ronú, ó ronú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní òru, ó yọ́ wọnú ṣọ́ọ̀bù. Ó mú ìwé kan, ó fa ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ya: fàà! Ó mú òmíràn: fàà! Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ya ìparí gbogbo ìtàn kúrò. Ó gbẹ́ ihò sí ìdí ìrókò, ó kó àwọn ìparí náà sí i, ó fi ewé bò ó.

Yánníbo ní, "Ọkọ mi, kí lẹ gbẹ́ ilẹ̀ sí lóru?"

Ìjàpá ní, "Iṣu ni mo ń gbìn."

Ó tún gba ìwé Adìẹ padà lọ́wọ́ Bàbá Erin kó tó kà á tán, ó ní òun fẹ́ nu eruku ara rẹ̀. Ó ya ti inú rẹ̀ náà. Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó yí ìpolówó padà: "Iṣu kan, ìwé kan! Ẹni tó bá fẹ́ ìparí, kó mú iṣu méjì sí i wá!"

Ìgbín ra ìwé Adìẹ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Iṣu kan ṣoṣo tó wà nílé wọn ló fi rà á. Ní alẹ́, ó ń kà á fún ọmọ náà. Ó ka ti òjò, ó ka ti Ọ̀nì, ó dé ibi tí odò ti fẹ̀, tí Adìẹ kò rí etí bèbè mọ́. "Igbá dúró. Adìẹ na ọrùn sókè, ó sì rí..."

Ọmọ Ìgbín ní, "Kí ló rí, Ìyá mi?"

Ojú ìwé ti tán.

Ṣé ẹ̀yin náà á lè sùn? Ọmọ Ìgbín kò sùn. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. "Kí ló rí? Kí ló rí?" Ní ilé Ehoro, ibì kan náà ni. Ní ilé Ọ̀yà, àwọn ọmọ fò dìde lórí ẹní. Bàbá Erin alára, tí kò mọ bí tiẹ̀ ṣe máa parí, ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú òkùnkùn, gìdì, gìdì, gìdì, ilẹ̀ ń mì. Nígbà tó di ọ̀gànjọ́, gbogbo wọn ti kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà Ìjàpá. Ọmọ Ìgbín ló lé orin. Ẹ̀yin náà, ẹ gbè é:

Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo o,
*Ṣílẹ̀kùn, ká ríwèé!*
Adìẹ wà lójú omi, òtútù ń mú un,
*Ṣílẹ̀kùn, ká ríwèé!*
Oorun dé ilé wa, ó bá wa lójúfò,
*Ṣílẹ̀kùn, ká ríwèé!*
Ibo nìtàn parí sí o?
*Ṣílẹ̀kùn, ká ríwèé!*

Ìjàpá fa orí wọnú. Ó ń gbọ́ orin. Ó fa ẹsẹ̀ wọnú. Ó ṣì ń gbọ́ orin. Ó fi àpò di ẹnu ìkarahun rẹ̀, Bàbá Erin sì gbe orin, àpò fò dànù. Alẹ́ kìíní kọjá bẹ́ẹ̀. Alẹ́ kejì kọjá bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ kẹta, ojú Ìjàpá ti pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ, ó gún iyán, oorun gbé e lọ, ó fi imú lu iyán.

Ó jáde. Ó ní, "Ó tó! Mo ti gbọ́. Ẹ máa bọ̀, mi ò gba iṣu kankan."

Wọ́n tẹ̀lé e dé ìdí ìrókò. Ó hú ewé kúrò, ó wo inú ihò.

Ikán ti débẹ̀. Ikán kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó mọ ìwé jẹ. Kò ṣẹ́ku ju ẹ̀rúnrún díẹ̀ lọ.

Gbogbo wọn dákẹ́. Ìjàpá jókòó sílẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Òun náà fẹ́ràn Adìẹ yẹn, òun náà kò sì rántí bí ìwé náà ṣe parí, nítorí ojú kíkánjú ló fi kà á nígbà tó ń wá iṣu. Ó ní, "Ẹ má bínú. Mo ti ba ìtàn yín jẹ́."

Yánníbo kò sọ ohun kan. Ó wọlé, ó gbé iṣu Ìgbín jáde, ó gbé e lé Ìgbín lọ́wọ́.

Ìgbà náà ni ọmọ Ìgbín ní, "Bàbá Ìjàpá, èmi mọ ohun tí Adìẹ rí."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó rí òkun! Ó tọ́ omi rẹ̀ wò, ó ní, 'Háà, iyọ̀ wà níbẹ̀! Ọbẹ̀ ni wọ́n sè yìí. Ta ló se ọbẹ̀ tó pọ̀ tó báyìí? Iyán rẹ̀ dà?' Kò rí iyán. Ló bá ní, 'Ará Èkìtì ni mí, mi ò lè lá ọbẹ̀ lásán.' Ó yí igbá padà, ó ń bọ̀ nílé wá gún iyán."

Bàbá Erin rẹ́rìn-ín tí ẹyẹ fi ṣí lórí igi. Ìjàpá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń mì gọ̀lọ̀gọ̀lọ̀. Ọmọ Ehoro ní rárá o, ẹja ńlá kan ló rí, ẹja náà sì fi í ṣe ọ̀rẹ́. Ọmọ Àparò ní erékùṣù tó kún fún àgbàdo ló rí. Òwìwí fò wá pẹ̀lú gègé àti tàdáwà. Ìjàpá ń kọ, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní kí wọ́n máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó lẹ ìparí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ìwé Adìẹ.

Ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà. Ìjàpá ṣì ń gba iṣu kan fún ìwé kan, ẹni tó bá sì wù lè yá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá mú ìparí tuntun wá, ọ̀fẹ́ ló máa ka ìwé. Ewúrẹ́ náà ti ń wọlé báyìí, bí ó bá ti jẹun yó.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rò pé Adìẹ rí? Ẹ ó sọ ọ́ fún mi lọ́la.

Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró o. Bí n kò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta:

Pó! Pó! Pó!