Orin “Ìyá Oyin”: ìtumọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, àti ohun tó bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà

Màmá, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìdúró. Àwòrán ìwé pélébé tí oníbàárà yín láti Bràsíìlì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti kà á tán. Èdè Potogí ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ ní ẹgbẹ́ yín fẹ́ fi orin náà kí àlejò nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, nítorí náà mo túmọ̀ rẹ̀ lọ́nà tó fi lè ṣeé kọ. Orin náà rèé:

Mo ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òtútù ń mú mi,
Mo ru ẹrù aṣọ, odò ni mò ń lọ.
Omi ti mọ ohun tó ń dùn mí kí n tó là á,
Omi ló bá mi gbé omijé lọ.

Ègbè:
Ìyá, ìyá olóyin,
Bá mi tọ́jú sánmà bíńtín.
Oore Yèyé o!
Bá mi tọ́jú sánmà bíńtín.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ pọ́n, ó pọ́n kankan,
Ó já bọ́ sínú dígí rẹ.
Owó ń bẹ lábẹ́ yanrìn,
Ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ ni ọrọ̀ tèmi.

Odò tó ń sọ̀ lọ sí òkun
Kò gbàgbé bí a ṣe ń fẹ́ni.
Kí wọ́n fi orúkọ mìíràn pè é,
Ọmọ ìyá rẹ̀ náà ni.

Ohun tí ẹ máa rí nísàlẹ̀ yìí ni àlàyé ibi tí mo ti yọ, ibi tí mo ti fi kún, àti ibi tí ọwọ́ mi ò tó. Bí mo bá ní láti fi ọ̀rọ̀ Potogí hàn yín, bó ṣe ń dún létí ni màá kọ ọ́, kì í ṣe bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé.

Olórin yìí máa ń fi ìparí ìlà méjì jọ ara wọn. Òtútù ni “fríu”, odò ni “híu”. Ẹni tó bá gbọ́ òpin ìlà kìíní ti mọ̀ pé odò ń bọ̀, etí rẹ̀ ti sáré débẹ̀ ṣáájú ẹsẹ̀ obìnrin tó ru aṣọ. Ní Yorùbá, òtútù àti odò ò bára wọn tan. Ohun tó sì tún le ju ìyẹn lọ ni pé òtútù tirẹ̀ kì í ṣe òtútù tiwa. Ní ilé tiwa, ara tútù ni àlàáfíà, omi tútù ni a fi ń tu ọmọ nínú, omi tútù ni a sì fi ń bẹ Ọ̀ṣun. Nínú orin yìí, òtútù ni ìnìkanwà. Ìlú olókè bíi Salvador ní Bràsíìlì, níbi tí òpópónà ti ń dà gẹ̀rẹ́ láti òkè sísàlẹ̀, ni ẹ ní láti fojú inú wò, pẹ̀lú obìnrin tí kò ní ẹni tó máa bá a ru ẹrù. Mo fi “òtútù ń mú mi” sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ara rẹ̀ ni ó tutù.

Ẹ kíyè sí ìlà kejì dáadáa nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn orin náà lórí fóònù yín ní ìsọ̀ yín lẹ́bàá Ọjà Ọba, òkè ni ohùn ń lọ ní òpin ìlà. Bí mo bá fi “odò” síbẹ̀, ohùn yóò gbé e sókè, gbogbo àlejò tó gbọ́ Yorùbá yóò sì gbọ́ “odó”. Kí ni obìnrin fẹ́ fi ẹrù aṣọ ṣe nídìí odó? Ìdí nìyí tí “odò” fi wà láàárín, tí “lọ” sì gba ìparí. Ọmọ Bràsíìlì kò ní ìṣòro yìí rárá. Ohùn wọn kò ń yí ọ̀rọ̀ padà bí tiwa.

Níbi “omi” àti “omijé” ni inú mi ti dùn jù. Nínú ìwé náà, omi ni “ágwa”, ẹ̀dùn ọkàn sì ni “mágwa”. Létí, ìró kan ṣoṣo ló là wọ́n, bí ẹni pé omi ló gbé ẹ̀dùn sínú. Mo rò pé kò sí bí mo ṣe máa rí irú rẹ̀, àfi ìgbà tí “omijé” dé, tí omi wà nínú rẹ̀ gangan. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ ọ̀fẹ́. Mágwa jẹ́ ẹ̀dùn tí ènìyàn gbé mì, tí ó jókòó sínú bí egungun ẹja. Ẹni tí mágwa wà nínú rẹ̀ lè máa rẹ́rìn-ín. Omijé ti jáde ní tirẹ̀. Nínú orin tiwọn, odò ń gbé ohun tí ojú kò rí lọ; nínú tiwa, ó kàn ń nu ojú. Bí ẹ bá fẹ́ òtítọ́ ọ̀rọ̀ ju adùn lọ, ẹ lè kọ “Omi ló bá mi gbé ẹ̀dùn lọ”. Èmi ò ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ègbè ló gba agbára mi. Ní Bràsíìlì, oyin ń jẹ́ “mẹ́u”, òkè lókè sì ń jẹ́ “sẹ́u”. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe jọra. Sẹ́u yìí jẹ́ sánmà, ó tún jẹ́ ọ̀run rere. Olórin ń bẹ ìyá pé kó gé díẹ̀ nínú rẹ̀ pamọ́ fún òun, kò sì sọ èyí tó ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú méjèèjì. Àwa ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní mo kọ “bá mi tọ́jú ọ̀run”, tí ìyá àgbà kan sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé nínú ẹgbẹ́ yín: á ní kí wọ́n pa á mọ́ ọn lẹ́nu kíá. Mo mú sánmà, mo fi ọ̀run rere sílẹ̀. Ìdajì ẹ̀bẹ̀ náà ti lọ nìyẹn. “Olóyin” àti “bíńtín” ni mo fi wá ìjọra díẹ̀, imú ló ń parí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò bára mu, kò sì sí onílù tó máa kà á sí ìjọra. Ẹ jẹ́ kí dùndún ṣe atúnṣe níbẹ̀. Bí onílù bá sọ “bíńtín” lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn yín, ó ti tó.

“Oore Yèyé o” kò nílò ìtumọ̀. Bó ṣe wà nínú ìwé náà, wọn ò fi àmì ohùn kankan sí i, wọ́n sì ti já ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, àmọ́ tiwa ni. Ohùn tiwa ni kí ẹ fi kọ ọ́, kódà bí ohùn orin bá fẹ́ fà yín lọ síbòmíràn.

Ojú ewé karùn-ún ni fíláàṣì fóònù ti ba nǹkan jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ funfun bo òpin ìlà kejì nínú ẹsẹ kejì. Ohun tó kù kò ju ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan àti ìrù lẹ́tà tó ga kan. Ìlà tó ṣáájú rẹ̀ parí sí “femélyu”, èyíinì ni pupa. Nígbà tí olórin yìí kì í já ìjọra kalẹ̀, ó di dandan kí ọ̀rọ̀ tó farasin parí sí “élyu” náà. Dígí ń jẹ́ “esipélyu”, orúnkún ń jẹ́ “joélyu”, ìmọ̀ràn ń jẹ́ “konsélyu”. Oòrùn kò lè já bọ́ sínú ìmọ̀ràn. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó kù sì bá dígí mu, kò bá orúnkún mu. Dígí ni mo kọ.

Lọ́dọ̀ wọn, dígí yẹn jẹ́ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ojú odò, àti dígí ara abẹ̀bẹ̀ tí Ọ̀ṣun wọn máa ń gbé lọ́wọ́ bó bá ń jó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ abẹ̀bẹ̀ idẹ kò ní ṣàdédé rí dígí nínú rẹ̀. Ojú odò nìkan ló kù fún wa, àti èyí náà, ẹ̀yin ló ń gbé nítòsí rẹ̀. Látìgbà tí àwọn awakùsà ti ń fọ wúrà lápá òkè odò, ní ìhà Ìjèṣà, omi tó ń dé Òṣogbo ti pọ́n bí omi ẹrẹ̀, débi pé ní ọdún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá sọ́dún Ọ̀ṣun kí wọ́n má mu ún. Olórin ní oòrùn pupa bọ́ sínú dígí. Tiwa ti pupa kí oòrùn tó dé.

Ìdí kan náà ni ẹ kò fi rí wúrà nínú ìtumọ̀ mi. Wúrà ló wà nínú ìwé náà, “óru”, tó jọ “tesóru”, ìṣúra. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi idẹ rọ́pò rẹ̀, torí a-fidẹ-rẹmọ ni Ọ̀ṣun tiwa, ṣùgbọ́n idẹ kì í wà lábẹ́ yanrìn. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọ́. Bí a bá sì kọ “wúrà ń bẹ lábẹ́ yanrìn” ní etí odò Ọ̀ṣun lónìí, àwọn tó ń wà á ni a ń kí. Oríkì ló yọ mí: ó wa yanrìn, ó wa yanrìn, ó kówó sí. Owó ni mo fi síbẹ̀, gbogbo ọmọ Òṣogbo ló máa dáhùn sí i. Àwọ̀ òfeefèé tí àwọn ará Bràsíìlì ń wọ̀ fún Ọ̀ṣun, tí wúrà ń rán wọn létí, ni kò sí mọ́.

Ẹsẹ tó kẹ́yìn kò pẹ́ láti ṣàlàyé. Òkun ni “máà”, fífẹ́ni ni “amáà”. Òkun wà nínú ìfẹ́ lédè wọn. Èmi ò rí nǹkan kan ṣe sí i, mo fi sílẹ̀. “Ìyá” ibẹ̀, Yemọja ni wọ́n máa gbọ́, nítorí òun ló ni òkun lọ́hùn-ún. Nílé, odò Ògùn ni ti Yemọja, Olókun ló ni òkun. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí oníkálukú gbọ́ ìyá tó mọ̀.

Ojú ewé tó kẹ́yìn jẹ́ orúkọ àwọn onílù àti ibi tí wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀, mi ò túmọ̀ rẹ̀. Ìlà méjì orin mìíràn yọ ní etí àwòrán náà, ṣùgbọ́n ìdì ìwé ti gbé ìdajì wọn mì. Bí oníbàárà yín bá tún pè, ẹ ní kó bá wa ya ojú ewé karùn-ún míràn, kó pa fíláàṣì, kó gbé ìwé náà sẹ́bàá fèrèsé ní ọ̀sán, kó sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kó tó yà á.